Mẹ́rìnlá nínú ogójì: bí ẹni tó ń pàdánù jù ṣe lè jèrè

*Ẹ̀gbọ́n, ẹ kú iṣẹ́. EURUSD, yúrò sí dọ́là, ni mo ń ṣe lórí fọ́réèsì. Píìpù 25 ni sítọ́ọ̀pù mi, ibi tí mo ti ń gé àdánù, 75 ni tágẹ́ẹ̀tì mi, ibi tí mo ti ń gba èrè, lọ́ọ̀tì 0.02 ni mo sì máa ń gbé nínú àkáǹtì 500 dọ́là. Tíréèdì 40 ni mo ti ṣe. Mo jẹ 14 péré, síbẹ̀ dọ́là 14 lé sí owó mi. Ọ̀rẹ́ mi tí a jọ bẹ̀rẹ̀ ń jẹ mẹ́jọ nínú mẹ́wàá. Píìpù 10 ló máa ń gbà, sítọ́ọ̀pù rẹ̀ sì jẹ́ 60. Ó ń fi mí ṣe yẹ̀yẹ́, ó ní kí n wá kọ́ ọ̀nà tirẹ̀. Ṣé kí n fi tèmi sílẹ̀ ni? Mo fi àkọsílẹ̀ tíréèdì mi ránṣẹ́ sí yín.*

Àbúrò mi, má torí yẹ̀yẹ́ fi ọ̀nà rẹ sílẹ̀. Ṣùgbọ́n má tíì fọwọ́ sọ̀yà pé ọ̀nà náà dára o, nítorí èrè tó wà níbẹ̀ kò tíì tó ohun tí ènìyàn ń gbọ́kàn lé. Mo fara balẹ̀ ka àkọsílẹ̀ rẹ láti òkè dé ilẹ̀, mo sì rí ohun kan níbẹ̀ tó yẹ kó dùn ọ́ ju ẹ̀fẹ̀ ọ̀rẹ́ rẹ lọ: ìwọ náà ti ń wá bí iye ìgbà tí o ń jẹ yóò ṣe pọ̀ sí i, ibẹ̀ gan-an sì ni owó rẹ ti ń jò. A máa dé ibẹ̀. Jẹ́ ká kọ́kọ́ parí ọ̀rọ̀ ọ̀rẹ́ rẹ ná.

Gbé tíréèdì mẹ́wàá rẹ̀ kalẹ̀. Mẹ́jọ tó jẹ mú píìpù 80 wọlé. Méjì tó pàdánù kó 120 lọ. Ó ti jẹ lẹ́ẹ̀mẹjọ nínú mẹ́wàá, ó sì ti pàdánù píìpù 40. Bó bá jẹ mẹ́sàn-án, yóò jèrè 30. Àárín mẹ́jọ àti mẹ́sàn-án ni ojú ìdọ́gba rẹ̀ wà, ìyẹn ibi tí kò ti ní jèrè, tí kò sì ní pàdánù. Bí a ṣe ń wá ojú ìdọ́gba kò ṣòro: ohun tí o fi sínú ewu ni kí o pín pẹ̀lú àpapọ̀ ewu àti èrè tí ò ń wá.

```
ewu / (ewu + èrè)
60 / (60 + 10) = 0.857
25 / (25 + 75) = 0.25
```

Ìlà kejì ni tirẹ̀: ó gbọ́dọ̀ jẹ bí 86 nínú 100 kó tó gba owó ara rẹ̀ padà. Ìlà kẹta ni tìrẹ: 25 nínú 100 ti tó. Bí ọdẹ kan bá fi ẹ̀tù ìbọn mẹ́wàá pa etu méjì, tí èkejì fi mẹ́wàá pa ọ̀kẹ́rẹ́ mẹ́jọ, bí wọ́n bá ń ka iye ìgbà tí ìbọn bà, ẹni ọ̀kẹ́rẹ́ ni ọ̀gá. Ṣùgbọ́n ìyàwó tó ń gbé ẹran lọ sọ́jà mọ ẹni tó pa ẹran.

O lè bi mí pé kí ló dé tí ọ̀rẹ́ rẹ kò tíì rí i. Àdánù rẹ̀ kì í wọ́pọ̀ ni. Ó lè ṣe ọ̀sẹ̀ méjì kó máà bá èyíkéyìí pàdé, inú rẹ̀ á sì máa dùn lójoojúmọ́. Nígbà tí 60 bá dé lẹ́ẹ̀kan, á pè é ní àṣìṣe, á ní bí kì í bá ṣe ti ìròyìn ọjọ́ yẹn ni. Nǹkan mìíràn tún wà tó yẹ kó o wò. Ní kó ṣí ojú ibi tí tíréèdì tí kò tíì tì wà fún ọ, kì í ṣe ibi ìtàn tíréèdì tó ti parí. Mo ti rí ọ̀pọ̀ ẹni tó ń jẹ mẹ́sàn-án nínú mẹ́wàá tó jẹ́ pé èyí tó ń pàdánù ni wọn kì í tì. Wọ́n á yọ sítọ́ọ̀pù kúrò, wọ́n á fi í sílẹ̀ bí ẹni fi gbèsè sílẹ̀, tí ìtàn tíréèdì wọn á sì máa dán bí àwo tuntun.

Ó yá, ìwé tìrẹ kàn.

Píìpù kan jẹ́ 20 sẹ́ǹtì lórí 0.02, nítorí náà ewu rẹ lórí tíréèdì kan jẹ́ dọ́là 5, èrè tí ò ń wá sì jẹ́ dọ́là 15. Èyí ni ohun tí o kọ sílẹ̀ pé o fẹ́ ṣe. Ohun tí o ṣe nìyí. Nínú 26 tí o pàdánù, 22 pàdánù dọ́là 5 bó ṣe yẹ. Mẹ́ta pàdánù dọ́là 6, nítorí pé iye owó fo sítọ́ọ̀pù rẹ kọjá. Èmi kò bá ọ wí lórí ìyẹn, ṣùgbọ́n kíyè sí i pé méjì nínú wọn bọ́ sí ọjọ́ Ẹtì tí wọ́n ń kéde iye iṣẹ́ ní Amẹ́ríkà. Ọ̀kan pàdánù dọ́là 17. Èyí kì í ṣe ẹjọ́ ọjà. Ìwọ lo ń sún sítọ́ọ̀pù lọ sísàlẹ̀, lẹ́ẹ̀kan, lẹ́ẹ̀kejì, lẹ́ẹ̀kẹta. Àpapọ̀ àdánù jẹ́ dọ́là 145.

Nínú 14 tí o jẹ, márùn-ún péré ló dé tágẹ́ẹ̀tì: dọ́là 75. Mẹ́ta ni o fọwọ́ tì nígbà tó dé dọ́là 12: dọ́là 36. Mẹ́fà ni o tì nígbà tó dé dọ́là 8: dọ́là 48. Gbogbo rẹ̀ jẹ́ 159. Yọ 145 kúrò, ó ku 14 tí ò ń wí.

Wá wo ohun tó ṣẹlẹ̀ sí ìpín rẹ. O ń pe ara rẹ ní ẹni mẹ́ta sí ọ̀kan, ṣùgbọ́n ní ìpíndọ́gba, ohun tí o jẹ nígbà kọ̀ọ̀kan jẹ́ dọ́là 11 àti sẹ́ǹtì 36, ohun tí o pàdánù jẹ́ dọ́là 5 àti sẹ́ǹtì 58. Méjì sí ọ̀kan nìyẹn. Ojú ìdọ́gba rẹ kò sí ní 25 mọ́, ó ti gun òkè dé nǹkan bíi 33 nínú 100. O jẹ 35. Etí bèbè lo dúró sí, o rò pé àárín pápá ni.

Mo wá ṣí ṣáátì, mo tọpa àwọn mẹ́sàn-án tí o fọwọ́ tì lọ́kọ̀ọ̀kan láti wo ohun tí ìbá ṣẹlẹ̀ ká ní o kò fọwọ́ kàn án. Méje nínú wọn dé tágẹ́ẹ̀tì. Méjì yí padà lọ kan sítọ́ọ̀pù. Nípa bẹ́ẹ̀, ká ní o tẹ̀ lé òfin ara rẹ, 12 ni ìbá dé dọ́là 15, ìyẹn 180. Àdánù ìbá di 28: mẹ́ta yẹn ní dọ́là 6, 25 yòókù ní dọ́là 5 títí kan èyí tí o sún, àpapọ̀ rẹ̀ 143. Dọ́là 37 ni ìbá kù sí ọ lọ́wọ́.

Tún un kà. Iye ìgbà tí o jẹ ìbá wálẹ̀ láti 14 sí 12, èrè rẹ ìbá sì ju ìlọ́po méjì lọ. Àwọn méjì tí o "gbà là" tí o fi dé 35 nínú 100 ni o fi dọ́là 11 rà nínú dọ́là 23 tó sọnù, dọ́là 12 yòókù sì jẹ́ ti sítọ́ọ̀pù tí o sún. Ìdí tí mo fi sọ pé ohun tí ọ̀rẹ́ rẹ ń ṣe ni ìwọ náà ń ṣe nìyẹn, ó kàn jẹ́ pé tìrẹ kò tíì pọ̀ tó tirẹ̀.

Ibi tí ọ̀pọ̀ tó ń kọ́ni ní fọ́réèsì máa ń dúró nìyí. Wọ́n á ní ṣáà ti lo mẹ́ta sí ọ̀kan, o kò ní jìyà. Irọ́ ni. Ìpín kò lè mú èrè wá fúnra rẹ̀, mo sì fẹ́ kó o rí ìdí rẹ̀ dáadáa.

Fojú inú wo ọ̀mùtí kan tó dúró lójú títì lóru. Gọ́tà wà lẹ́yìn rẹ̀ ní ìṣísẹ̀ 25. Ilẹ̀kùn ilé rẹ̀ wà níwájú ní ìṣísẹ̀ 75. Kò mọ ibi tó ń lọ: á gbé ẹsẹ̀ kan síwájú, á gbé òmíràn sẹ́yìn, bí ẹni ń ju owó ẹyọ. Ìṣirò fi hàn pé nínú òru 100, yóò délé ní 25, yóò já sí gọ́tà ní 75. Kíyè sí 25 yẹn. Ojú ìdọ́gba rẹ gan-an ni. Bí o bá gbé ilẹ̀kùn sún mọ́ ọn dé ìṣísẹ̀ 25, yóò délé ní 50, ojú ìdọ́gba náà á sì di 50. Gbé e jìnnà dé 250, iye tó ń délé á já wálẹ̀ dé nǹkan bíi mẹ́sàn-án, ojú ìdọ́gba á sì bá a wálẹ̀. Bí o ti ń fa ọ̀kan ni èkejì ń tẹ̀ lé e. Bí ọjà bá ń rìn bí ọ̀mùtí, kò sí ìpín kan tó sàn ju òmíràn lọ.

Búrókà sì wà níbẹ̀. Nígbà tí o bá ra EURUSD, iye tó ga ni wọ́n fi tà á fún ọ, iye tó rẹlẹ̀ ni wọ́n á fi rà á padà, sípúrẹ́ẹ̀dì sì ni àlàfo tó wà láàárín wọn. Bí ó bá jẹ́ píìpù kan ààbọ̀, ó dà bí ẹni ti ọ̀mùtí yẹn ní ìṣísẹ̀ kan ààbọ̀ sọ́nà gọ́tà kó tó bẹ̀rẹ̀ sí í rìn. Gọ́tà ku 23.5, ilẹ̀kùn di 76.5. Nínú tíréèdì 200, yóò jẹ 47, yóò pàdánù 153. Fi 47 lọ́nà 75, o rí 3525. Fi 153 lọ́nà 25, o rí 3825. Píìpù 300 lọ. Tíréèdì 200 lọ́nà kan ààbọ̀ náà jẹ́ 300. Ohun tí ẹni tí kò mọ nǹkan kan máa pàdánù kò ju owó tí búrókà ń gbà lọ, kò sì dín sí i. Lórí 0.02 tìrẹ, dọ́là 60 nìyẹn.

Nítorí èyí ni mo fi ń bínú sí àwọn tó ń fún sítọ́ọ̀pù pọ̀ kí ìpín lè dùn ún wò. Ọmọ kan kọ̀wé sí mi lọ́jọ́ kan pé òun ń lo sítọ́ọ̀pù píìpù 5 pẹ̀lú tágẹ́ẹ̀tì 15, mẹ́ta sí ọ̀kan bíi tìrẹ. Sípúrẹ́ẹ̀dì kan ààbọ̀ yẹn náà ló ń san. Ṣùgbọ́n gọ́tà tirẹ̀ ku mẹ́ta ààbọ̀ péré. Nínú 200, ẹni tí kò mọ nǹkan kan á jẹ 35, á pàdánù 165, píìpù 300 yẹn náà ló máa lọ. Àmọ́ kí ewu rẹ̀ tó lè jẹ́ dọ́là 5 lórí píìpù 5, 0.10 ló gbọ́dọ̀ gbé, píìpù kan sì ti di dọ́là kan. Dọ́là 300 ló lọ, nínú àkáǹtì 500. Ẹ̀yin méjèèjì ní ìpín kan náà lórí ìwé, owó tí òun ń san kó tó bẹ̀rẹ̀ sì jẹ́ ìlọ́po márùn-ún tìrẹ.

Ẹni tó ń ta tẹ́tẹ́ bọ́ọ̀lù náà mọ̀ ọ́n. Tíkẹ́ẹ̀tì igba náírà lè mú ọgọ́rùn-ún ẹgbẹ̀rún wá, ìpín 500 sí ọ̀kan. Kò sí ẹni tó lè fún ọ nírú ìpín bẹ́ẹ̀ lórí fọ́réèsì. Ilé tẹ́tẹ́ ti ṣírò iye ìgbà tí o lè jẹ kí wọ́n tó kọ nọ́ńbà yẹn sí i.

Níbo wá ni èrè ti ń wá? Láti inú ìgbà díẹ̀ tí ọjà kì í rìn bí ọ̀mùtí. Àwọn ìgbà kan wà tí iye owó á kọjú sí ibì kan, á sì máa lọ fún ọ̀sẹ̀ tàbí oṣù. Ẹni tí kò tíì ti tíréèdì rẹ̀ nígbà náà ló máa jẹ ẹ́. Àwọn tó fi èyí hàn jù lọ ni àwọn tí wọ́n ń pè ní Ìjàpá ní Ṣikágò. Kì í ṣe Ìjàpá Tìrókò ọkọ Yánníbo o. Ní ọdún 1983, Richard Dennis àti William Eckhardt, oníṣòwò ọjà ọjọ́ iwájú méjèèjì, ń jiyàn: Dennis ní a lè kọ́ ènìyàn níṣẹ́ yìí, Eckhardt ní ẹ̀bùn ni. Wọ́n fi ìpolówó sínú ìwé ìròyìn, wọ́n mú àwọn tí ó wù wọ́n, wọ́n kọ́ wọn fún ọ̀sẹ̀ méjì, Dennis sì fún wọn ní owó tirẹ̀ láti fi ṣòwò.

Òfin wọn ṣe é kọ sórí páálí sìgá. Bí iye owó bá ga ju ti ogún ọjọ́ sẹ́yìn lọ, rà. Bó bá rẹlẹ̀ ju ti ogún ọjọ́ lọ, tà. Wọ́n á wọn bí ọjà náà ṣe ń gbéra lójúmọ́ ní ìpíndọ́gba ogún ọjọ́, wọ́n á pe ìwọ̀n yẹn ní N, sítọ́ọ̀pù á sì wà ní ìlọ́po méjì N. Iye tí wọ́n ń gbé á jẹ́ èyí tí sítọ́ọ̀pù yẹn kò fi ní kó ju ìdá méjì nínú ọgọ́rùn-ún owó wọn lọ. Fún àmì ogún ọjọ́ yìí, bí wọ́n bá rà, wọn kì í jáde títí iye owó yóò fi wálẹ̀ ju ti ọjọ́ mẹ́wàá sẹ́yìn lọ. Wo ohun tí kò sí níbẹ̀: tágẹ́ẹ̀tì. Wọn kò sọ ibi tí èrè máa dé.

Irú ọ̀nà báyìí máa ń pàdánù jù. Kò yà wá lẹ́nu bó bá jẹ́ pé 35 tàbí 40 péré ló jẹ nínú 100, ó sì máa ń dín sí bẹ́ẹ̀ lẹ́ẹ̀kọ̀ọ̀kan. Èyí tó pọ̀ jù nínú àmì ogún ọjọ́ ni ọjà á fà sókè díẹ̀, á sì já padà. Èrè ọdún kan lè wà lórí tíréèdì mẹ́ta tàbí mẹ́rin péré. Gbogbo alángbá ló danú délẹ̀, a ò mọ èyí tí inú ń run: gbogbo àmì ló jọra lọ́jọ́ tí wọ́n jáde, nítorí náà nígbà tí òfin bá ní kí wọ́n wọlé, wọ́n gbọ́dọ̀ wọlé. Ẹni tó bá fo ọ̀kan lè jẹ́ pé ọdún rẹ̀ ló fò.

Mo mọ̀ ọ́n nítorí pé mo fo ọ̀kan. Láti ìbẹ̀rẹ̀ ọdún 2014 ni mo ti ń lo òfin ogún ọjọ́ lórí EURUSD, ojú kan náà sì ni ọjà ń yí sí fún ọ̀pọ̀ oṣù. Àdánù mẹ́fà tẹ̀ lé ara wọn. Nígbà tí àmì keje jáde pé kí n tà, mo ti sú. Mo ní màá kọ́kọ́ wò ó ná. Yúrò tó súnmọ́ 1.40 ní oṣù Karùn-ún ọdún yẹn já títí dé nǹkan bíi 1.05 ní oṣù Kẹta ọdún 2015. Mo wò ó lóòótọ́, lójoojúmọ́, láìní kọ́bọ̀ nínú rẹ̀. Àdánù mẹ́fà yẹn ni owó tí mo san sílẹ̀ fún un, mo kàn kọ̀ láti lọ gba ẹrù.

Èyí mú wa dé ohun tó ń lé àwọn tó ní irú ọ̀nà tìrẹ kúrò nídìí ọjà, ìyẹn ìtòtẹ̀lé àdánù. Bí o bá ń jẹ 35 nínú 100 lóòótọ́, nínú tíréèdì 100, rírí mẹ́jọ tó pàdánù tẹ̀ léra kì í ṣe àjálù, ohun tó yẹ kó o máa retí ni. Mẹ́wàá léraléra náà súnmọ́ ìdá kan nínú mẹ́ta: bí ẹ̀yin mẹ́ta bá ṣe 100 lọ́kọ̀ọ̀kan, ó ṣeé ṣe kí ọ̀kan nínú yín bá a pàdé. Ìwọ tí o fi ìdá kan nínú ọgọ́rùn-ún sínú ewu á bọ́ láti 500 sí nǹkan bíi 452 dọ́là. Ó dunni, ṣùgbọ́n oúnjẹ á wọ ọ̀fun. Ẹni tó ń fi ìdá mẹ́wàá sínú ewu á bọ́ láti 500 sí 174, á sì gbọ́dọ̀ jèrè tó fẹ́rẹ̀ẹ́ tó ìlọ́po méjì ohun tó kù lọ́wọ́ rẹ̀ kó tó padà síbi tó ti bẹ̀rẹ̀. Ọ̀nà kan náà ni ẹ ń lò. Ọ̀kan ṣì wà lọ́jà, èkejì ti parí.

Nítorí náà, dọ́là 5 rẹ yẹn dára. Má jẹ́ kí ẹnikẹ́ni sọ fún ọ pé o ń bẹ̀rù.

Ohun kan ṣoṣo ló kù tí mo ní láti sọ kí inú rẹ má bàa dùn jù. Tíréèdì 40 kò tíì tó láti mọ̀ bóyá ọ̀nà rẹ ní èrè nínú. Ká sọ pé 35 nínú 100 ni ìwọ̀n rẹ gan-an. Nínú 40, ìwọ̀n yẹn lè fún ọ ní 11, ó lè fún ọ ní 17, láìjẹ́ pé ohunkóhun yí padà. Pẹ̀lú ìpín méjì sí ọ̀kan tí o ń rí báyìí, 11 á fi nǹkan bíi dọ́là 37 pàdánù, 17 á fi bíi dọ́là 65 jèrè. Dọ́là 14 rẹ wà láàárín méjèèjì. Ó lè jẹ́ ọgbọ́n, ó lè jẹ́ pé ọ̀mùtí bá ilẹ̀kùn pàdé ní àwọn òru díẹ̀ kan. Èrè dọ́là 37 tí mo ṣírò fún ọ lókè pé ìbá kù sí ọ lọ́wọ́ náà ní irú àléébù yìí: lẹ́yìn tí ọjà ti rìn tán ni mo ṣe é, ó sì rọrùn láti gbọ́n lẹ́yìn ọjà.

Bí mo bá jẹ́ ìwọ, èmi kò ní fọwọ́ kan sítọ́ọ̀pù tàbí tágẹ́ẹ̀tì, èmi kò sì ní wá ibi ìwọlé tuntun. Ohun kan ni màá yí: tí tíréèdì bá ti wọlé, tí sítọ́ọ̀pù àti tágẹ́ẹ̀tì sì ti wà níbẹ̀, màá pa fóònù náà. Nínú ìwé rẹ, fi ọ̀wọ́n mẹ́ta kún un. Èkíní, iye ewu ní dọ́là kí o tó wọlé. Èkejì, ohun tó bá jáde, kí o kọ ọ́ bí ìlọ́po ewu yẹn: tágẹ́ẹ̀tì jẹ́ +3, sítọ́ọ̀pù jẹ́ -1, èyí tí iye fò kọjá jẹ́ -1.2. Ẹ̀kẹta, bẹ́ẹ̀ ni tàbí bẹ́ẹ̀ kọ́: ṣé mo fọwọ́ kàn án? Ọ̀wọ́n kejì ni kí o máa ròpọ̀, kí o sì pín in pẹ̀lú iye tíréèdì. Ní báyìí, tìrẹ jẹ́ 0.07 péré ní tíréèdì kọ̀ọ̀kan. Ká ní o tẹ̀ lé òfin, ìbá jẹ́ nǹkan bíi 0.18. Bó bá wà lókè 0.1 títí tíréèdì fi pé 200, ó ṣeé ṣe kí nǹkan wà níbẹ̀. Bó bá ń já wálẹ̀ sí òdo tàbí sísàlẹ̀ rẹ̀ láìjẹ́ pé o fọwọ́ kan ohunkóhun, a jẹ́ pé ibi tí o ti ń wọlé kò yàtọ̀ sí ti ọ̀mùtí, ìpín mẹ́ta sí ọ̀kan kò sì lè gbà ọ́. Ìgbà yẹn ni kí o wá bi mí bóyá kí o fi í sílẹ̀.

Kí o tó ṣe ìyẹn, dá ọ̀wọ́n kẹta yà sọ́tọ̀. Ro gbogbo "bẹ́ẹ̀ ni" pọ̀, ro gbogbo "bẹ́ẹ̀ kọ́" pọ̀. Mo fẹ́ rí nọ́ńbà méjèèjì yẹn kí n tó rí ohunkóhun mìíràn nígbà tí o bá tún kọ̀wé.